Nóòtì tó ń bá kòtéṣọ̀n lọ: bí mo ṣe ń kọ ọ́ kí iye owó àti ìgbà tí wọ́n máa san án má baà di ìjà

"Ẹ kú iṣẹ́ sà, kòtéṣọ̀n yín rèé. 60% ádífáńsì, 30% tí ẹrù bá dé sáìtì, 10% bálánsì tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ ṣeun."

Bí mo ṣe ń kọ nóòtì mi nìyẹn fún ọdún mélòó kan. Kọ́sítọ́mà á kà á, á ní ó ti yé òun, èmi náà á ní ó ti yé mi, àṣé nǹkan tó yé e kọ́ ló yé mi. Iṣẹ́ fèrèsé àti ilẹ̀kùn alumíníọ̀mù ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ẹni tó là mí lójú ni ọkùnrin kan tí mo kan fèrèsé ilé ẹ̀ tán, mo ní kó san 10% tó kù, ó ní iṣẹ́ ò tíì parí, pé ìgbà tí pẹ́ńtà bá kun ilé tán tí òun sì rí i pé ọ̀dà ò ta sí gíláàsì lòun máa tó mọ̀ pé iṣẹ́ parí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró de pẹ́ńtà tí kì í ṣe èmi ni mo pè é. Inú bí mi gan-an nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tí mo padà lọ ka nóòtì tèmi, mi ò rí ibi kankan tí mo ti sọ ohun tí "parí" túmọ̀ sí. Ẹjọ́ mi ni.

Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ kan ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. Àǹtí kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ ilé sí Mọ́níyà, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a mójú tó sáìtì. Fèrèsé 15 àti ilẹ̀kùn onísìláídì kan ni wọ́n fẹ́. Nínú kòtéṣọ̀n, fèrèsé àti ilẹ̀kùn jẹ́ ₦3,200,000, ọkọ̀ àti owó ìkànmọ́ jẹ́ ₦240,000, àpapọ̀ ẹ̀ wá jẹ́ ₦3,440,000. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn o, torí òun la máa lò títí dé ìsàlẹ̀.

Kọ́kọ́ sọ iye tí ẹ ti ń yọ ìdá nínú ẹ̀

Ẹ wo nóòtì àtijọ́ yẹn dáadáa. 60% nínú kí ni? Bí àǹtí yìí bá gbà pé inú owó fèrèsé nìkan ni, ₦1,920,000 ló máa fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ inú àpapọ̀ ni, ₦2,064,000 ni. ₦144,000 ló wà láàárín méjèèjì, kò sì ní í ṣe àwáwí kankan o, ohun tó kà ló ṣe.

Ti 30% tún burú ju ìyẹn lọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti san owó àkọ́kọ́, ohun tó kù ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. Lẹ́yìn ₦2,064,000, ₦1,376,000 ló kù. 30% nínú ìyẹn jẹ́ ₦412,800, èmi ní tèmi sì ti ń retí ₦1,032,000. Ẹ wò ó, ó lé ní ₦600,000 tó sọnù sáàárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò kọ.

Tẹ́ẹ bá ń kọ nóòtì yín ní Yorùbá, wàhálà míì tún wà níbẹ̀. "Ìdá ọgbọ̀n" lẹ́nu wa, tẹ́ẹ bá fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹyọ kan nínú ọgbọ̀n ni, bí ìdá mẹ́wàá ṣe jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń san ìdá mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì ò ní ṣi èyí gbọ́. Nítorí náà ẹ kọ 30% pẹ̀lú àmì ẹ̀, tàbí kẹ́ẹ kọ "ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún" tán pátápátá, ẹ má gé e kúrú. "Ìdajì" náà, èmi ò kì í lò ó mọ́, torí a máa ń pín nǹkan sí méjì tí ìdajì kan á sì tóbi ju ìkejì lọ, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìlà kan ṣoṣo ló máa yanjú èyí, kó sì wà lókè ṣáájú ìdá èyíkéyìí: "Àpapọ̀ owó iṣẹ́ jẹ́ ₦3,440,000, ọkọ̀ àti ìkànmọ́ ti wà nínú ẹ̀. Inú ₦3,440,000 yìí la ti yọ ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Tẹ́ẹ bá wà lára àwọn tó ń gba owó orí ọjà, 7.5% ti ìjọba yẹn, ibẹ̀ náà ni kẹ́ẹ ti sọ bóyá ó ti wà nínú ẹ̀ tàbí ó ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ìdá ò dá dúró, náírà ló ń bá a rìn

Kò sídìí tí kọ́sítọ́mà fi máa gbé kakulétọ̀ láti mọ iye tó máa san. Ẹ̀gbẹ́ ìdá kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ẹ kọ náírà ẹ̀ sí, èmi tiẹ̀ máa ń fi náírà ṣáájú kí n tó fi ìdá tẹ̀ lé e, torí náírà lèèyàn ń tẹ̀ sínú áàpù báǹkì, kì í ṣe ìdá. Ẹ kọ gbogbo òdo ẹ̀ pé. Tẹ́ẹ bá kọ "2.06m" torí ẹ ń kánjú, ₦4,000 ti bọ́ lọ nìyẹn, á sì di ohun tẹ́ẹ máa máa tọrọ lẹ́yìn bí ẹni ń tọrọ báárà.

Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ ro ó pọ̀ nínú nóòtì yẹn gan-an, kí kọ́sítọ́mà rí i: 2,064,000 + 1,032,000 + 344,000 = 3,440,000. Kì í ṣe tìtorí tiwọn nìkan. Mo ti fi kòtéṣọ̀n ránṣẹ́ rí tí mo ti dín owó kù lẹ́yìn tí oníbàárà nájà, mo yí àpapọ̀ padà, mo gbàgbé láti yí owó ìpele kejì, ìlà ìròpọ̀ yẹn ni ìbá sọ fún mi.

Ibo ni 60% tiẹ̀ ti wá? Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, kọ́sítọ́mà máa já a sí 40 mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ò sì ní mọ ohun tẹ́ẹ máa sọ. Nínú iṣẹ́ yìí, irin alumíníọ̀mù, gíláàsì, nẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́, rọ́bà àti sílíkóònù ń lọ sí bíi ₦2,000,000, owó lọ́wọ́ sì ni wọ́n ń tà á fún mi, wọn ò kì í ta àwìn. ₦2,064,000 ló máa kó o. Tí mo bá gba 50%, tó jẹ́ ₦1,720,000, èmi ni mo máa wá ₦280,000 níbòmíì. Torí náà ẹ ṣírò ohun tẹ́ẹ máa rà ná, kẹ́ẹ tó mú ìdá, ẹ má mú ìdá torí pé òun lẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ń gbà. Mo máa ń fi gbólóhùn kan sí i nínú nóòtì, pé owó àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ra ọjà, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí ẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí owó tó san: ohun tí ojú rí ni kó jẹ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà jù. "Tí iṣẹ́ bá dé ìdajì", "tí ẹrù bá dé", "tí iṣẹ́ bá parí", kò sí ọ̀kan tí èèyàn méjì ò lè fi jiyàn nínú wọn. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: tí àbúrò àǹtí yẹn bá dúró síwájú nǹkan yìí, ṣé ó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láì pè mí? Bí kò bá lè sọ ọ́, mi ò tíì kọ ọ́ dáadáa.

Owó àkọ́kọ́ rọrùn: kí a tó ra ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé ó gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó bá fi ₦1,000,000 ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè gbà pé ọjọ́ iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, èmi ò sì tíì lè ra nǹkan tó pé. Mo máa ń kọ ọ́ pé ọjọ́ 21 tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ₦2,064,000 bá pé nínú akáńtì. Fún ẹni tó wà lókè òkun, ẹ fi kún un pé náírà tó wọ akáńtì la ń kà, torí owó tí wọ́n fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ kì í fìgbà gbogbo dé bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣáńjì á ti yí díẹ̀ tàbí kí ilé iṣẹ́ tó fi í ránṣẹ́ ti yọ tiẹ̀.

Owó kejì ni mo yí padà pátápátá. Tẹ́lẹ̀, "tí ẹrù bá dé sáìtì" ni mo máa ń kọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ̀ á dé, wọ́n á já fèrèsé sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ san owó á ní òun wà ní Èkó, òun máa ṣe é lálẹ́, lálẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á burú, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á sì ti wà lórí àkàbà. Mo wá gbé e sẹ́yìn díẹ̀: kí ẹrù tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ẹ má tan ara yín, ẹ̀rù ń ba kọ́sítọ́mà náà, ó fẹ́ san 90% láì tíì rí nǹkan kan lára ògiri ẹ̀. Tẹ́ẹ bá máa gba owó níbẹ̀, ẹ fún un ní ohun tó máa fi rí i. Tèmi ni pé màá to férémù 15 àti ilẹ̀kùn yẹn sí ṣọ́ọ̀bù, màá lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú kòtéṣọ̀n, màá ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí àǹtí, àbúrò ẹ̀ á sì wá kà á. Tó bá kà á tó pé 16, owó ti tó san nìyẹn. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ wà nínú nóòtì, kì í ṣe "ẹnikẹ́ni tó bá wà ní sáìtì", torí mo ti bá gáàdì kà á rí, ẹni tó ni ilé sì ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Owó kẹta, ìyẹn 10% tó máa ń fa ìjà, mo ti rí i pé kí n má tiẹ̀ lo "parí" mọ́ rárá. Mo ń kọ ohun tí wọ́n á rí: gbogbo fèrèsé 15 àti ilẹ̀kùn 1 ti wọ ògiri, gíláàsì àti nẹ́ẹ̀tì ti wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí ó ń tì, a ti fi sílíkóònù dí etí wọn. Lẹ́yìn náà ni mo fi ohun tí kò sí nínú ẹ̀ sí i: kíkun ilé ò kan owó yìí. Nínú iṣẹ́ wa, ẹ̀yìn tí bíríkìlà bá rẹ́ ògiri tán la máa ń kàn án, kí pẹ́ńtà tó dé, nítorí náà ìgbà gbogbo ni iṣẹ́ ẹlòmíì máa wà lẹ́yìn tiwa, tẹ́ẹ ò bá sì yà á sọ́tọ̀ wọ́n á so owó yín mọ́ ọn.

Kí ló wá kù fún kọ́sítọ́mà tó bá rí àléébù? Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta láti yẹ̀ ẹ́ wò kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún ohun tó kọ ṣe, kó san. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kò kọ nǹkan kan, owó ti tó san. Mo máa ń rí àwọn tó ń kọ wákàtí 24, ìyẹn ò dáa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ò lè rán àbúrò ẹ̀ lọ kó padà wá láàárín ọjọ́ kan.

Ibì kan tí mi ò tíì rí ojútùú gidi sí ni ti ògiri tí kò tíì ṣe tán. Ẹrù dé, yàrá méjì ò tíì ní rírẹ́, mi ò lè kàn wọ́n síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé tó bá jẹ́ sáìtì ló fà á, owó kẹta á di sísan ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹrù dé, màá sì padà wá kàn án láì gba owó míì. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní kí n yọ ọ́. Tí wọ́n bá ní kí n yọ ọ́, mi ò kì í gé irin títí màá fi fojú ara mi rí i pé wọ́n ti rẹ́ gbogbo ògiri, ó tiẹ̀ sàn bẹ́ẹ̀, torí mo gbọ́dọ̀ wọn ojú fèrèsé lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn rírẹ́ lọ́nàkọnà.

Àfikún má dàrú mọ́ ọn

Wọ́n á fi nǹkan kún un, kò sí ilé tí wọn kì í ti fi kún un. Ká ní àǹtí ní òun fẹ́ fèrèsé kékeré kan sí sítọ̀ọ̀, ₦95,000. Tẹ́ẹ bá rò ó mọ́ àpapọ̀ tẹ́ẹ tún gbogbo ìdá ṣe, ó ti di ₦3,535,000, 60% ẹ̀ ti di ₦2,121,000, wọ́n sì ti san ₦2,064,000, ó kù ₦57,000 nínú owó àkọ́kọ́, ṣé ẹ rí bó ṣe ń di jàgídíjàgan? Ẹ fi owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ kọ "Àfikún 1: ₦95,000, gbogbo ẹ̀ á bá OWÓ 2 wá." Ọjọ́ yẹn wọ́n á san ₦1,127,000, rísíìtì á sì fi méjèèjì hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bó ṣe rí nígbà tí mo kọ ọ́ tán

> Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Kòtéṣọ̀n fèrèsé 15 àti ilẹ̀kùn 1 fún ilé yín ní Mọ́níyà ló bá nóòtì yìí wá.
>
> Àpapọ̀ owó iṣẹ́: ₦3,440,000. Ọkọ̀ àti ìkànmọ́ ti wà nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa san án, inú ₦3,440,000 yìí la ti yọ ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
>
> OWÓ 1: ₦2,064,000 (60%). Kí a tó ra ọjà. Òun la fi ń ra irin, gíláàsì àti gbogbo ohun èlò. Ọjọ́ 21 tí a fi ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó bá pé nínú akáńtì ní náírà.
>
> OWÓ 2: ₦1,032,000 (30%). Kí ẹrù tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa. A ó fi fídíò ránṣẹ́ sí yín, àbúrò yín á wá kà á pé ó pé 16.
>
> OWÓ 3: ₦344,000 (10%). Nígbà tí gbogbo 16 bá ti wọ ògiri, tí gíláàsì àti nẹ́ẹ̀tì ti wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì, tí a sì ti fi sílíkóònù dí etí wọn. Ẹ ní ọjọ́ 3 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kíkun ilé ò sí lára ẹ̀.
>
> 2,064,000 + 1,032,000 + 344,000 = 3,440,000
>
> Iye yìí dúró títí di Fúráìdeè 14 Oṣù Kẹta 2025. Ẹ jọ̀ọ́ mà, tẹ́ẹ bá kà á tán, ẹ kọ iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìgbà tẹ́ẹ máa san ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí mi ní ọ̀rọ̀ ara yín.

Ẹ rí i pé mi ò fi táábù tò ó sí òsì àti ọ̀tún. Orí fóònù ni wọ́n á ti kà á, Wasáàpù á sì fọ́ gbogbo ìlà ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, 30% á wá bọ́ sábẹ́ owó ẹlòmíì. Owó kan, ìpínrọ̀ kan. Orúkọ kan náà ni mo tún ń pè wọ́n níbi gbogbo, OWÓ 2 nínú nóòtì, OWÓ 2 nínú kòtéṣọ̀n, OWÓ 2 lórí rísíìtì, kì í ṣe "ádífáńsì" níhìn-ín, "dẹ̀pọ́síìtì" lọ́hùn-ún.

Kẹ́ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣí fáìlì kòtéṣọ̀n yẹn kẹ́ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń jìn sí kòtò, torí orí ti oníbàárà tó lọ la ti ń ṣe tuntun, "70% ádífáńsì, 30% bálánsì" ti iṣẹ́ àná ṣì wà níbẹ̀ lẹ́tà kékeré. Nóòtì ń sọ mẹ́ta, ìwé ń sọ méjì, tí ìjà bá dé, ẹni kọ̀ọ̀kan á mú èyí tó wù ú.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn nóòtì yẹn, àwọn kan ò kì í fẹ́ ṣe é, wọ́n á fi àtàǹpàkò ránṣẹ́. Mi ò kì í ka àtàǹpàkò sí èsì. Màá pè wọ́n, màá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi sọ ọ́ bó ṣe yé wọn. Àǹtí ti Mọ́níyà yẹn kọ tiẹ̀ padà: "OWÓ 1 mílíọ̀nù méjì ó lé ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kẹ́ẹ tó ra ọjà. OWÓ 2 mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n, tí àbúrò mi bá ti kà á. OWÓ 3 lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta." Àwọn iye bára mu, àmọ́ ó fo ìkànmọ́ ní OWÓ 3, ó fẹ́ẹ̀ jọ pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹrù dé ló gbà pé ó jẹ́. Ojúlówó àṣìgbọ́ ni, èmi ni ì bá sì jèrè ẹ̀, àmọ́ tó bá yá wọ́n á ní mo gbowó kí n tó kan fèrèsé. Mo yí ìlà yẹn padà sí "Ẹ ní ọjọ́ 3 láti ọjọ́ tí a bá kan èyí tó kẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò", mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọ ọ́ padà bó ṣe yẹ, mo wá fi nọ́ńbà akáńtì ránṣẹ́ sí i.